Aago Mẹ́wàá Ti Ìlú Wo?

Ẹni tó ń wáṣẹ́ wà ní Ìbàdàn, àwọn tó máa fọ̀rọ̀ wá a lẹ́nu wò wà ní Lọ́ńdọ̀nù. Láti òpin oṣù Kẹwàá sí òpin oṣù Kẹta, aago Nàìjíríà fi wákàtí kan ṣíwájú tiwọn. Nítorí náà, báyìí ni mo ṣe ń kọ ọ́: “Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, aago 11 àárọ̀ ní Nàìjíríà, 10 ní Lọ́ńdọ̀nù, ìṣẹ́jú 45. Ọ̀gá ẹ̀ka ìṣirò owó àti ẹni tó ń rí sí ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ ló máa bá yín sọ̀rọ̀. Ẹ fi káàdì ìdánimọ̀ àti ìwé ẹ̀rí sítòsí. Líǹkì nìyí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fèsì.” Mo máa ń kọ́kọ́ fi fóònù ẹlòmíì ṣí líǹkì náà wò, torí èyí tó ṣí fún òṣìṣẹ́ lè kọ̀ fún àlejò.