Ṣé o mọ̀? Ọjọ́ orí ní ẹnu ọ̀nà iṣẹ́

Ṣé o mọ̀ pé ẹni ọdún 49 ṣì lè wọ iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ Nàìjíríà? Ọdún 50 ni òfin iṣẹ́ ọba fi ṣe ààlà. Ṣùgbọ́n ka ìkéde iṣẹ́ tí àwọn báńkì ń gbé jáde fún àwọn tó jáde yunifásítì: ọ̀pọ̀ wọn ni kò fẹ́ ẹni tó bá ti ju ọdún 26 lọ.

Ṣé o mọ̀ pé oṣù 8 ni àwọn olùkọ́ yunifásítì fi daṣẹ́ sílẹ̀ lọ́dún 2022? Akẹ́kọ̀ọ́ tó jókòó sílé nígbà yẹn kò mọwọ́ mẹsẹ̀, síbẹ̀ ọjọ́ orí rẹ̀ ń lọ. Ó ká mi lára pé òun ni wọ́n máa ń sọ fún pé ó ti dàgbà jù.

Ṣé o mọ̀ pé abala 42 nínú òfin-ìpìlẹ̀ 1999, tó ní kí wọ́n má ṣe torí ẹ̀yà, ẹ̀sìn, tàbí jíjẹ́ akọ tàbí abo fìyà jẹ ẹnikẹ́ni, kò dárúkọ ọjọ́ orí rárá?

Ṣé o mọ̀ pé ìjọba lè ní kí ẹni ọdún 55 máa lọ sílé? Ọdún 60 láyé tàbí ọdún 35 lẹ́nu iṣẹ́ ni òfin wí, èyí tó bá kọ́kọ́ pé. Ká ní òṣìṣẹ́ méjì jọ wà ní ọ́fíìsì kan. Ọdún 1970 ni wọ́n bí ọ̀kan, ó sì wọṣẹ́ ní 1990. Ọdún 1965 ni wọ́n bí èkejì, ṣùgbọ́n 2013 ló tó ríṣẹ́. Ọdún 2025 ni àwọn méjèèjì fẹ̀yìn tì: ọ̀kan sin ìjọba fún ọdún 35, èkejì fún ọdún 12 péré. Ẹni tó fi ìgbà èwe rẹ̀ sìn ín ló kúrò nígbà tí agbára ṣì wà lára rẹ̀.

Bó bá ṣe pé tíṣà ni wọ́n, ní ibi tí wọ́n bá ti ń lo òfin ìfẹ̀yìntì tíṣà ti 2022, ó di ọdún 65 láyé tàbí 40 lẹ́nu iṣẹ́. 2030 ni àwọn méjèèjì ì bá lọ. Ọdún 70 ni ti ọ̀jọ̀gbọ́n yunifásítì.

Ṣé o mọ̀ pé kò sí òfin tó dá ọjọ́ orí ìfẹ̀yìntì fún ilé-iṣẹ́ aládàáni? Ìwé àdéhùn tí o fọwọ́ sí ló ń sọ ọ́. Bí wọ́n bá dá ọ dúró lẹ́ni ọdún 47, o kò tíì lè kó owó ìfẹ̀yìntì rẹ, nítorí ọdún 50 ni òfin owó ìfẹ̀yìntì ti 2014 fi sí. Bí oṣù 4 bá kọjá láìríṣẹ́, o lè bèèrè, ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n máa fún ọ kò ní ju ìdá kan nínú mẹ́rin owó náà lọ.