Ìdí tí òórùn ọsàn kì í fi pẹ́ lára

Tẹ́ ẹ bá ra ọsàn ní ọjà Kàbà, ẹ fún èèpo rẹ̀ sí ọwọ́. Á ta sánsán, àmọ́ kó tó pẹ́, ó ti lọ. Límónììnì ló lé ní ìdá 90 nínú 100 òróró yẹn, ó sì fúyẹ́, ó tètè ń fò.

Músìkì ló máa ń pẹ́ lára. Láyé àtijọ́, ara ẹranko kan tó jọ àgbọ̀nrín ní Éṣíà ni wọ́n ti ń mú un, wọ́n á sì pa á. Lọ́dún 1888, Albert Baur ń wá ohun abúgbàù ni o, ló bá ṣe kẹ́míkà tó ń rùn bíi músìkì.

Lónìí, Gálásólíìdì ló wà nínú ọ̀pọ̀ lọ́fínńdà. Ó wúwo, ìdí nìyẹn tí aṣọ mi àná ṣì fi ń ta sánsán. Àmọ́ imú àwọn kan kì í gbọ́ ọ rárá.