Eré Ìdárayá ní Lọ́kọ́ja Kí Oòrùn Tó Mú

Àwọn kan nínú Ẹgbẹ́ bi wá pé, nígbà wo ni òṣìṣẹ́ lè ráyè sáré nínú ìlú yìí? Ohun tí àwa rí rèé.

Òwúrọ̀ sàn ju ìrọ̀lẹ́ lọ. Àpáta Òkè Pátì àti ọ̀dà ojú títì a máa gba ooru sára lọ́sàn-án, wọn a sì máa tú u jáde títí ilẹ̀ yóò fi ṣú. Kí ilẹ̀ tó mọ́ ni afẹ́fẹ́ máa ń tutù jù.

Ṣùgbọ́n kí ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé iná ojú títì, oòrùn ni kí ẹ fi ṣe aago. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹfà, a máa yọ ní nǹkan bí agogo 6:15. Ní ìparí oṣù kìíní, ó di nǹkan bí 6:50. Ojú a ti máa ríran dáadáa ní nǹkan bí ìṣẹ́jú 20 ṣáájú.

Ẹ jẹ́ kí a mú ẹni tí ó gbọ́dọ̀ dé ibi iṣẹ́ ní agogo 8 ní oṣù kìíní. Kí ó jí ní 5:45, kí ó mu ife omi kan. Nínú ọgbà ilé, pẹ̀lú àtùpà, kí ó máa dìde kí ó máa jókòó lórí àga, kí ó sì na ẹsẹ̀, títí di 6:30. Nígbà náà ni kí ó bọ́ sójú ọ̀nà fún ìṣẹ́jú 30. Ní agogo 7 ó ti padà sílé láti wẹ̀.

Kí ó wọ aṣọ funfun, kí ó gba àdúgbò tí tírélà kì í gbà, kí ó sì máa rìn ní ọwọ́ òsì. Láti ọjọ́ kejì oṣù kẹrin ọdún 1972 ni ọkọ̀ ti ń gba ọwọ́ ọ̀tún ní Nàìjíríà, nítorí náà ẹni tí ó wà lọ́wọ́ òsì yóò máa rí ọkọ̀ tí ń bọ̀ wá bá a.

Bí òṣùwọ̀n bá wà nílé, kí ó gùn ún kí ó tó jáde àti lẹ́yìn tí ó bá nu òógùn. Bí 70 kílò bá di 69.5, omi ni ó lọ, kì í ṣe ọ̀rá: nǹkan bí ìdajì lítà, èyíinì omi inú ọ̀rá kan. Kí ó mu ún díẹ̀díẹ̀.

Ara a máa gbà tó ọ̀sẹ̀ méjì kí ó tó mọ ooru lára. Títí di ìgbà náà, kí ó máa rìn kánkán ní ìwọ̀n tí ó fi lè bá ẹnìkejì sọ̀rọ̀. Bí orí bá ń fọ́ tàbí òòyì ń kọ́ ọ, kí ó dúró, kí ó wá ibòji, kí a da omi sí i lára kí a sì fẹ́ ẹ. Bí ó bá ń sọ ìsọkúsọ, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀.