Ìlà Tó Ń Sọ̀ Kalẹ̀

Àwọn tó ń kọ sọfítíwíà máa ń ya àtẹ iṣẹ́ tó kù. Iye iṣẹ́ wà ní òró, ọjọ́ wà ní ìbú. Bí iṣẹ́ ṣe ń parí ni ìlà ń sọ̀ kalẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká mú ẹgbẹ́ kan tó fojú bu iṣẹ́ rẹ̀ sí máàkì 120. Ní sáà mẹ́ta, ọ̀sẹ̀ méjì-méjì, wọ́n parí 18, 24 àti 21. Ìpíndọ́gba rẹ̀, 21, ni ìyára wọn. Ó ku 57. Ẹ fi 21 pín in, kò pé sáà mẹ́ta tán, ẹ ṣáà kà á sí mẹ́ta: ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Bí wọ́n bá ń ṣe 18 péré ńkọ́? Sáà mẹ́rin, ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ. Èmi ò ní dá ọjọ́ kan ṣoṣo fún oníbàárà. "Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí mẹ́jọ" ni màá sọ.

Bí ìlà bá kọ̀ tí kò sọ̀ kalẹ̀, ẹ má tíì pe ẹnikẹ́ni ní ọ̀lẹ. Ó lè jẹ́ pé wọ́n parí 20, oníbàárà sì kó 20 mìíràn dé. Nítorí náà, àwọn kan máa ń fi iṣẹ́ àfikún hàn lọ́tọ̀ nísàlẹ̀ àtẹ. Iṣẹ́ tí wọ́n ní ó "ku díẹ̀" ńkọ́? Òdo ni máàkì rẹ̀ títí yóò fi parí.