Àdúrà Oníbàárà Kì í Ṣe Ẹ̀rí

Ẹ ṣí fóònù oníṣẹ́ ọwọ́ tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ wò, ẹ óò bá ìdúpẹ́ rẹpẹtẹ níbẹ̀. "Ọlọ́run á máa gbé ọ ga." "Ọwọ́ rẹ kò ní rọ." "O ṣeun, ọmọ dáadáa." Gbogbo rẹ̀ ló dùn mọ́ ẹni tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí. Àmọ́ kò sí ọ̀kan nínú rẹ̀ tó lè mú kí ẹni tí kò mọ oníṣẹ́ náà rí kó owó ńlá lé e lọ́wọ́. Àdúrà ń sọ fún wa pé inú oníbàárà dùn, kò sọ ohun tó mú un dùn. Ẹni tó fẹ́ gbé iṣẹ́ tuntun jáde fẹ́ mọ ìṣòro tó wà nílẹ̀ tẹ́lẹ̀, ohun tí wọ́n ṣe sí i, àti ohun tó yí padà.

Iṣẹ́ àwọn tó ń so sólà àti ìnfátà ni mo fẹ́ fi ṣàlàyé, nítorí pé owó rẹ̀ kì í ṣe kékeré, ojú kò sì lè rí bó ṣe dára tó lọ́jọ́ tí wọ́n bá so ó tán. Aṣọ tí télọ̀ rán, ẹ lè wọ̀ ọ́ wò lójú ẹsẹ̀. Bátìrì ńkọ́? Ó di ìgbà tí NEPA bá mú iná lọ fún ọjọ́ mẹ́ta gbáko kẹ́ ẹ tó mọ ohun tẹ́ ẹ rà.

Ká sọ pé oníṣẹ́ sólà kan ní Ìbàdàn so iná fún ìyá kan tó ń ta ẹja yìnyín ní Bódìjà, tó ní fírísà méjì ní ṣọ́ọ̀bù. Lọ́jọ́ tí iṣẹ́ parí, iná tàn, ìyá jó, ó gbàdúrà. Ọ̀pọ̀ oníṣẹ́ á yọ fóònù lójú ẹsẹ̀ pé, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi sọ̀rọ̀ díẹ̀." Ó ti yá jù. Kí ni ìyá rí sọ ju pé iná tàn lọ? Ẹ jẹ́ kó pé oṣù kan ààbọ̀ sí méjì, kí ìyá ti fojú ara rẹ̀ rí iye epo tí kò rà mọ́. Bó bá sì jẹ́ oṣù Kejì ni wọ́n so ó, nígbà tí oòrùn ń mú ganrínganrín, kí oníṣẹ́ náà padà wá béèrè lẹ́ẹ̀kan sí i ní oṣù Keje. Bí ojú ọjọ́ bá ṣú, agbára tí sólà ń fà máa ń dín kù, ìgbà òjò yìí gan-an ló sì máa ń ba oníbàárà tuntun lẹ́rù.

Bí wọ́n ṣe ń béèrè ló ń ba ọ̀pọ̀ ẹ̀rí jẹ́. Bẹ́ ẹ bá ní, "Ẹ bá mi kọ nǹkan tó dáa nípa iṣẹ́ mi," àdúrà náà lẹ óò tún gbà. Ẹ bi wọ́n ní ìbéèrè tó ní ìdáhùn. Kí lẹ̀ ń lò tẹ́lẹ̀, eélòó ló sì ń ná yín? Kí ló ń kọ yín lóminú kẹ́ ẹ tó gbé iṣẹ́ fún mi? Kí ló ti yí padà báyìí? Kí ló kù tí kò tíì tẹ́ yín lọ́rùn? Ẹ jẹ́ kí wọ́n fi ẹnu sọ ọ́ sórí WhatsApp, nítorí pé ọ̀pọ̀ oníṣòwò wa kò ráyè ìwé kíkọ, ọ̀rọ̀ ẹnu wọn sì máa ń já gaara ju èyí tí wọ́n bá kọ lọ. Bí ìbéèrè kẹrin bá gbé ẹ̀sùn jáde, ẹ lọ tún iṣẹ́ ṣe ná, kẹ́ ẹ gbàgbé ọ̀rọ̀ ẹ̀rí títí dìgbà tí ara oníbàárà bá tù.

Ìyá ẹlẹ́ja lè sọ̀rọ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́ta, kó dárúkọ ọmọ àti ọkọ, kó bú NEPA. Nígbà tí oníṣẹ́ bá yọ ọ̀rọ̀ tó ṣe kókó nínú rẹ̀, ó lè rí báyìí:

"Tẹ́lẹ̀, jẹnẹrétọ̀ ló ń gbé fírísà mi méjèèjì, lítà epo mẹ́fà lójúmọ́. Nígbà tó sọ iye owó rẹ̀, mo ní ó ti pọ̀ jù, ọkọ mi sì ní sólà kò lè gbé fírísà láéláé. Ní báyìí, mi ò ra tó lítà mẹ́fà láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Lóṣù Keje, òjò rọ̀ ṣúlẹ̀ fún ọjọ́ méjì, mo tan jẹnẹrétọ̀, àmọ́ ẹja mi kò bàjẹ́."

Ohun tí ọ̀pọ̀ oníṣẹ́ á kọ́kọ́ gé kúrò nínú rẹ̀ ni iyèméjì ọkọ àti ọjọ́ méjì òjò yẹn. Tèmi ni pé àwọn gan-an ló ń múni gbà á gbọ́. Ẹni tó ń ṣiyèméjì bíi ti ọkọ ìyá máa rí ara rẹ̀ níbẹ̀, ẹni tó bá sì rí i pé wọ́n jẹ́wọ́ ibi tí agbára iṣẹ́ mọ máa gba ìyókù gbọ́.

Ẹ lè gé ọ̀rọ̀ oníbàárà kúrú, ẹ má fi kún un. Lẹ́yìn náà, ẹ fi èyí tẹ́ ẹ gé ránṣẹ́ padà sí wọn, kí wọ́n fọwọ́ sí i, kẹ́ ẹ sì tọ́jú ohùn wọn àkọ́kọ́. Ẹ béèrè bóyá wọ́n fẹ́ kí orúkọ wọn jáde. Ọ̀pọ̀ èèyàn wa kò fẹ́ káyé mọ ohun tí wọ́n rà, wọ́n sì jàre: àwòrán sólà lórí òrùlé pẹ̀lú géètì àti nọ́ńbà ilé ń fi ọ̀nà han olè ni. "Oníṣòwò ẹja yìnyín, Ìbàdàn" ti tó. Òfin tó ń dáàbò bo ìsọfúnni nípa ẹni, ti ọdún 2023, fún oníbàárà lẹ́tọ̀ọ́ láti yí ọkàn padà lẹ́yìn tó ti gbà, bó bá sì ní kẹ́ ẹ yọ ọ́, ẹ yọ ọ́.

Bí ọkùnrin kan tó ń ta adìẹ yìnyín ní Mọ́níyà bá wá béèrè iye owó ńkọ́? Ibẹ̀ ni iṣẹ́ ẹ̀rí wà. Bí ẹ bá da ẹ̀rí ogún lé e lórí, kò ní ka ọ̀kan. Ẹ̀rí ẹni tó fi sólà tan gílóòbù àti tẹlifíṣọ̀n kò kàn án, fírísà ni tirẹ̀. Nínú ìwé tí oníṣẹ́ bá kọ iye owó sí, lábẹ́ iye náà gan-an, ni kó fi ọ̀rọ̀ ìyá ẹlẹ́ja sí, kó kọ oṣù àti ọdún tí ìyá sọ ọ́, iye fírísà, iye sólà àti bátìrì tó so fún un. Bí ìyá bá gbà, kó fún ọkùnrin náà ní nọ́ńbà rẹ̀ kó pè é. Àmọ́ ẹni tó bá ti ṣe tán láti san owó nìkan ni kó fún. Ìyá ní ọjà láti tà, wọn ò gbà á síṣẹ́ alágbàsọ.

Ẹ má fi ẹ̀dínwó ra ẹ̀rí, nítorí pé ẹni tẹ́ ẹ dín owó fún kò ní lè sọ àbùkù iṣẹ́ yín. Èyí tó burú jù ni kí oníṣẹ́ jókòó kọ ìyìn ara rẹ̀, kó fi orúkọ àbúrò rẹ̀ sí i. Òfin ìdíje àti ààbò oníbàárà ti ọdún 2018 lòdì sí irọ́ pípa láti fi tajà. Ó sì rọrùn láti dá a mọ̀: gbogbo ẹ̀rí á máa dún bíi pé ẹnu kan náà ló sọ ọ́, kò ní sí iye kankan nínú rẹ̀, kò ní sí ẹni tó ṣiyèméjì rí.

Bátìrì máa ń gbó, ẹ̀rí nípa rẹ̀ náà sì ń gbó. Ohun tí ìyá sọ lóṣù kejì kò tó ohun tó máa sọ lọ́dún kejì, bí fírísà bá ṣì ń dì. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ so sólà, ẹ bi oníṣẹ́ yín léèrè ẹni tó ti lo iṣẹ́ rẹ̀ fún ọdún méjì. Bí kò bá lè padà sọ́dọ̀ ẹni náà lọ béèrè bí bátìrì ṣe ń ṣe sí, ẹ má gbé iṣẹ́ fírísà fún un.