Ọjọ́ Tí Àrùn Wọlé, Ọjọ́ Tó Hàn, Ọjọ́ Tó Bẹ̀rẹ̀ Sí Í Ràn

Ní ọjọ́ 20 oṣù Keje ọdún 2014, ọkùnrin kan tó ń bọ̀ láti Làìbéríà dé sí pápákọ̀ òfurufú Murtala Muhammed ní Èkó. Ara rẹ̀ kò yá rárá. Ó ṣubú ní pápákọ̀, wọ́n sì gbé e lọ sí ọsibítù kan ní Ọ̀báléndé. Ibà ni wọ́n kọ́kọ́ rò pé ó ń ṣe é. Dókítà Stella Ameyo Adadevoh ló fura pé ó lè jẹ́ Ẹ̀bólà, tó sì kọ̀ jálẹ̀ pé wọn kò ní í jẹ́ kí ó jáde. Ọjọ́ 25 ni ọkùnrin náà kú. Nígbà tí gbogbo rẹ̀ fi máa parí, ènìyàn 20 ló ti ní àrùn náà ní Nàìjíríà, tí a bá ka òun náà mọ́ wọn. Mẹ́jọ kú nínú wọn, Dókítà Adadevoh sì wà lára wọn.

Ogún ènìyàn péré, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìlú tí èrò pọ̀ bí Èkó ni àrùn náà ti bẹ̀rẹ̀! Àwọn òṣìṣẹ́ ìlera tó ń tọpasẹ̀ àrùn ló ṣiṣẹ́ náà. Wọ́n wá àwọn tó fara kan aláìsàn rí, wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 900, wọ́n sì ń lọ wọn ìgbóná ara wọn lójoojúmọ́. Akitiyan wọn kò kéré, ṣùgbọ́n ohun kan wà nínú ìṣe Ẹ̀bólà fúnra rẹ̀ tó jẹ́ kí akitiyan náà so èso: ẹni tó ní in lára kì í kó o ran ẹlòmíràn títí tí àìsàn yóò fi hàn lára rẹ̀.

Ọjọ́ mẹ́ta ni ẹni tó ń kọ́ iṣẹ́ yìí gbọ́dọ̀ mọ̀ yàtọ̀ síra: ọjọ́ tí kòkòrò wọ ara, ọjọ́ tí ara bẹ̀rẹ̀ sí í ro onítọ̀hún, àti ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀ sí í lè ran ẹlòmíràn. Láti ọjọ́ tí kòkòrò wọlé títí di ọjọ́ tí àmì àìsàn kọ́kọ́ yọjú, ẹ jẹ́ kí a pè é ní sáà ìlúgọ. Láti ọjọ́ tó wọlé kan náà títí di ọjọ́ tí onítọ̀hún bẹ̀rẹ̀ sí í lè kó o ran ènìyàn, sáà àìtíìràn nìyẹn. Gbogbo ìgbà tó fi lè ràn án lẹ́yìn náà ni sáà ìkóràn. Ìlúgọ àti àìtíìràn jọ bẹ̀rẹ̀ ni, ṣùgbọ́n wọn kì í sábà jọ parí. Èyí tó bá kọ́kọ́ parí ló ń sọ bóyá tẹmómítà lè ràn wá lọ́wọ́ tàbí kò lè ràn wá lọ́wọ́. Fún Ẹ̀bólà, méjèèjì fẹ́rẹ̀ẹ́ jọ parí lẹ́ẹ̀kan náà, láàárín ọjọ́ 2 sí ọjọ́ 21.

Ẹ jẹ́ kí a fi nọ́ọ̀sì kan ṣe àpẹẹrẹ. Àfinúrò ni, kì í ṣe ẹnì kan pàtó. Nọ́ọ̀sì yìí tọ́jú aláìsàn náà láti ọjọ́ 20 oṣù Keje títí di ọjọ́ 25. Ní ọjọ́ 2 oṣù Kẹjọ, ara rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná. A kò lè mọ ọjọ́ náà gan-an tí kòkòrò wọ̀ ọ́ lára. Ohun tí a lè ṣe ni pé kí a fi ààlà sí i. Bó bá jẹ́ ọjọ́ àkọ́kọ́ ló kó o, ìlúgọ rẹ̀ jẹ́ ọjọ́ 13. Bó bá jẹ́ ọjọ́ ìkẹyìn, ọjọ́ 8 ni. Òótọ́ wà láàárín méjèèjì, ìdáhùn tó tọ́ nínú ìwé àkọsílẹ̀ sì ni “ọjọ́ 8 sí 13”. Ẹni tó bá mú ọjọ́ kan ṣoṣo níbẹ̀ ti fi àfọwọ́fà kún iṣẹ́.

Ká tún sọ pé ara rẹ̀ kò tíì gbóná, a ṣì ń ṣọ́ ọ. Ọjọ́ wo ni a ó tú u sílẹ̀? Ibí ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti ń ṣì í. Wọ́n á ka 21 láti ọjọ́ tó kọ́kọ́ fara kan aláìsàn, wọ́n á sì dé ọjọ́ 10 oṣù Kẹjọ. Ọjọ́ tó fara kàn án kẹ́yìn ló yẹ kí wọ́n kà á láti ibẹ̀, ìyẹn yóò sì gbé wọn dé ọjọ́ 15. Ọjọ́ márùn-ún tó wà láàárín yẹn tó fún àrùn láti bọ́ mọ́ wa lọ́wọ́.

Àwọn tó wà ní àyíká rẹ̀ ńkọ́? Bó bá lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì ní ọjọ́ 1 oṣù Kẹjọ, kò sí ìdí láti máa wá àwọn tó bá jókòó, nítorí àìtíìràn ṣì ni. Ọkọ rẹ̀ tó tọ́jú rẹ̀ nílé láti ọjọ́ 2 títí tí wọ́n fi gbé e lọ sí ibùdó ìtọ́jú ní ọjọ́ 4 ni a gbọ́dọ̀ máa ṣọ́, títí di ọjọ́ 25. Gbogbo ìṣirò yìí dúró lórí ọjọ́ 2 yẹn, ó sì rọrùn láti gbà á sílẹ̀ lọ́nà òdì. Bí ẹ bá bi ènìyàn léèrè ọjọ́ tí àìsàn bẹ̀rẹ̀, ọjọ́ tó lọ sí ọsibítù ni púpọ̀ wọn máa ń sọ. Ẹ bi í ọjọ́ tó kọ́kọ́ rẹ̀ ẹ́, ọjọ́ tó kọ́kọ́ lo oògùn ibà, ọjọ́ tí kò lè jẹun.

Ọjọ́ 21 náà kì í ṣe odi. Nínú àkọsílẹ̀ àjàkálẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà lọ́dún náà, ìpíndọ́gba ìlúgọ jẹ́ bí ọjọ́ 11, àwọn bíi 95 nínú 100 sì ni àìsàn hàn lára wọn kí ọjọ́ 21 tó pé. Àwọn díẹ̀ kọjá rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí Àjọ Ìlera Àgbáyé fi ń dúró fún ìlọ́po méjì rẹ̀, ọjọ́ 42, láìsí aláìsàn tuntun, kó tó kéde pé orílẹ̀-èdè kan ti bọ́. Ọjọ́ 20 oṣù Kẹwàá 2014 ni wọ́n kéde ti Nàìjíríà. Sáà ìkóràn Ẹ̀bólà kò sì parí síbi tí èèmí parí sí: òkú ṣì ń kó o ran ènìyàn, àtọ̀ ọkùnrin tó ti gbádùn sì lè gbé kòkòrò náà fún oṣù púpọ̀.

Èèyi yàtọ̀ pátápátá. Ọjọ́ tí ara sú ni a fi ń ka tirẹ̀, nítorí ọjọ́ yẹn ni ìyá ọmọ kì í gbàgbé. Ọmọ tó ní èèyi ń ràn án láti ọjọ́ mẹ́rin ṣáájú kí ara tó sú títí di ọjọ́ mẹ́rin lẹ́yìn rẹ̀. Ká ní ara ọmọ kan sú ní ọjọ́ 15 oṣù Kẹta. Láti ọjọ́ 11 ló ti ń tú kòkòrò jáde ní kíláàsì, nígbà tí ojú lásán kò rí ju imú tó ń ṣomi, ikọ́ àti ara gbígbóná díẹ̀. Ta ni ó máa fura? Títí di ọjọ́ 19 ló sì gbọ́dọ̀ jókòó sílé. Bí a bá ń wá ibi tí òun náà ti kó o, ọjọ́ 7 sí 21 ṣáájú kí ara tó sú la ó yẹ̀ wò: láti ọjọ́ 22 oṣù Kejì sí ọjọ́ 8 oṣù Kẹta, bí oṣù Kejì bá jẹ́ ọlọ́jọ́ 28.

Abẹ́rẹ́ àjẹsára èèyi lè dáàbò bo ọmọ tó ti fara kan aláìsàn, bí a bá fún un láàárín wákàtí 72 tó kọ́kọ́ fara kàn án. Fún ọmọ tó jókòó tì í ní ọjọ́ 11, ọjọ́ 14 ni àǹfààní yẹn tán, ara aláìsàn kò sì tíì sú nígbà yẹn. Ọmọ tó jẹ́ pé ọjọ́ 13 ló kọ́kọ́ pàdé rẹ̀ ṣì ní àyè títí di ọjọ́ 16. Nítorí náà, òṣìṣẹ́ ìlera tí wọ́n pè ní ọjọ́ 15 kò gbọdọ̀ sùn lé e. Kó dé ilé ìwé lọ́jọ́ náà, kó béèrè lọ́wọ́ tíṣà ọjọ́ tí ọmọ kọ̀ọ̀kan kọ́kọ́ bá aláìsàn pàdé, kó sì fún gbogbo ọmọ tí àjẹsára wọn kò pé ní abẹ́rẹ́, títí kan àwọn tí àyè ti kọjá fún. Bí kò bá gbà wọ́n lọ́wọ́ ti ẹ̀ẹ̀kan yìí, yóò gbà wọ́n lọ́wọ́ ọmọ tí ara rẹ̀ yóò sú tẹ̀lé e, tí yóò sì ti máa ràn wọ́n fún ọjọ́ mẹ́rin kó tó hàn.