Owó-orí àyọsílẹ̀ lórí owó iṣẹ́ ìgbaninímọ̀ràn

Owó-orí àyọsílẹ̀ jẹ́ owó-orí tí ẹni tí ó ń sanwó iṣẹ́ yọ kúrò nínú owó náà kí ó tó san ìyókù fún ẹni tí ó ṣiṣẹ́. Owó tí ó yọ kì í ṣe tirẹ̀. Ó gbọ́dọ̀ fi í ránṣẹ́ sí ilé-iṣẹ́ owó-orí ìjọba ní orúkọ ẹni tí ó ṣiṣẹ́ náà. Ní Nàìjíríà, irú àyọsílẹ̀ báyìí kan owó ilé, iṣẹ́ ìkọ́lé àti oríṣiríṣi iṣẹ́ mìíràn. Iṣẹ́ ìgbaninímọ̀ràn nìkan ni àyọkà yìí dá lé: bí agbaninímọ̀ràn ṣe ń kọ owó tí oníbàárà yọ sínú ìwé ìṣirò rẹ̀, àti bí ó ṣe ń lò ó lẹ́yìn náà láti dín owó-orí ọdún rẹ̀ kù.

Lórí ínfọ́ìsì àti nínú ìwé ìṣirò, WHT ni wọ́n sábà máa ń kọ fún un. Orúkọ Yorùbá rẹ̀ bá iṣẹ́ rẹ̀ mu jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí pé ohun tí a yọ sílẹ̀ ṣì jẹ́ ti ẹni tí ó ni ín. Kò jọ ohun tí a yọ dànù. Ọ̀pọ̀ àṣìṣe tí à ń rí nínú ìwé ìṣirò àwọn agbaninímọ̀ràn kò ju pé wọ́n kọ àyọsílẹ̀ sílẹ̀ bí ẹni pé ó ti dànù.

Iye tí a ń yọ

Ìlànà tí ìjọba àpapọ̀ ṣe ní ọdún 2024 lórí yíyọ owó-orí láti orísun bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ kìíní oṣù Kìíní ọdún 2025. Ṣáájú rẹ̀, 10% ni wọ́n ń yọ lára owó ìgbaninímọ̀ràn tí ó jẹ́ ti ilé-iṣẹ́, 5% sì ni ti ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ìlànà tuntun náà sọ ọ́ di 5% fún àwọn méjèèjì, bí wọ́n bá jẹ́ olùgbé Nàìjíríà. Bí ẹni tí ó ṣiṣẹ́ kò bá ní nọ́ńbà ìdánimọ̀ owó-orí, ìlọ́po méjì iye yìí ni oníbàárà yóò yọ. Ti àwọn tí kì í ṣe olùgbé Nàìjíríà yàtọ̀, kò sì sí nínú ohun tí à ń sọ níhìn-ín.

Iye iṣẹ́ nìkan ni a ń ṣírò 5% náà lé lórí. A kì í ka owó-orí ọjà, ìyẹn VAT, tí ó jẹ́ 7.5%, mọ́ ọn. Ìyàtọ̀ yìí dà bí ohun kékeré, ṣùgbọ́n òun ni ó ń fa ìjà jù láàárín agbaninímọ̀ràn àti ẹ̀ka ìṣirò oníbàárà.

Ínfọ́ìsì kan láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin

Ẹ jẹ́ kí a fi ilé-iṣẹ́ agbaninímọ̀ràn kan ní Ìbàdàn ṣe àpẹẹrẹ, tí ó ṣe iṣẹ́ fún ilé-iṣẹ́ aládàáni kan ní Ìkẹjà. Iye iṣẹ́ jẹ́ ₦2,000,000. VAT orí rẹ̀ jẹ́ ₦150,000. Àpapọ̀ ohun tí ó wà lórí ínfọ́ìsì jẹ́ ₦2,150,000.

Ní ọjọ́ tí ínfọ́ìsì jáde, olùṣírò owó yóò kọ ₦2,150,000 sí àkáǹtì àwọn tí ó jẹ ilé-iṣẹ́ ní gbèsè. Ní òdìkejì, yóò kọ ₦2,000,000 sí owó tí iṣẹ́ mú wọlé, àti ₦150,000 sí VAT tí ilé-iṣẹ́ yóò san fún ìjọba. Kò ní í kọ ohunkóhun nípa àyọsílẹ̀ ní ọjọ́ yìí, nítorí pé kò sí ẹni tí ó tíì yọ nǹkan kan. Láàárín àwọn tí kò bá ara wọn tan, ìgbà tí a bá san owó ni yíyọ ń wáyé lábẹ́ ìlànà 2024.

Nígbà tí oníbàárà bá sanwó, yóò yọ 5% nínú ₦2,000,000, ìyẹn ₦100,000, ₦2,050,000 ni yóò sì wọ báńkì. Ohun tí a ó kọ sílẹ̀ nìyí:

```
Dẹ́bítì    Báńkì                        2,050,000
Dẹ́bítì    Owó-orí àyọsílẹ̀ tí a ó gbà     100,000
Krẹ́dítì   Oníbàárà ajigbèsè            2,150,000
```

Ìlà kejì ni ọkàn ọ̀rọ̀ náà. Àkáǹtì yẹn, tí ó máa ń jẹ́ `WHT Receivable` nínú ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ ìṣirò, wà lára àwọn ohun-ìní ilé-iṣẹ́. Kì í ṣe ìnáwó. Ohun tí ó ń sọ ni pé ìjọba ti gba ₦100,000 lọ́wọ́ wa ṣáájú, a ó sì bá a ṣírò rẹ̀ tí ọdún bá parí. Gbèsè oníbàárà náà ti parí pátápátá, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í ṣe ₦2,150,000 ni a rí ní báńkì.

Àṣìṣe méjì ni ó wọ́pọ̀ níbí. Èkíní ni ti olùṣírò tí ó wo báńkì, tí ó yọ VAT kúrò nínú ₦2,050,000, tí ó sì kọ ₦1,900,000 sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí owó tí iṣẹ́ mú wọlé. Owó tí ó wọlé ti dín ní ₦100,000 nínú ìwé, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ibì kankan tí ẹ̀tọ́ ₦100,000 hàn sí, nítorí náà kò sí ẹni tí yóò rántí béèrè rẹ̀. Bí òṣìṣẹ́ owó-orí bá wá fi ìwé náà wé ohun tí oníbàárà kọ ránṣẹ́, yóò rí i pé ilé-iṣẹ́ yìí sọ iye tí ó dín. Èkejì ni kí a kọ ₦100,000 náà sí ìnáwó. Owó-orí èrè kì í ṣe ìnáwó tí òfin gbà kí a yọ kúrò nínú èrè kí a tó ṣírò owó-orí. Olùṣírò yóò dá a padà sínú èrè ní òpin ọdún. Bí kò bá rántí pé ẹ̀tọ́ kan wà lẹ́yìn rẹ̀, ilé-iṣẹ́ yóò san owó-orí náà lẹ́ẹ̀mejì.

Bí ohun tí ó wọ báńkì bá jẹ́ ₦2,042,500, ẹ̀ka ìṣirò oníbàárà ti ṣírò 5% lórí ₦2,150,000. ₦107,500 ni wọ́n yọ, ₦7,500 ni wọ́n sì fi jù ú. Ohun tí ó yẹ ni kí a kọ lẹ́tà sí wọn lójú ẹsẹ̀ kí wọ́n san ₦7,500 náà. Bí wọ́n bá ti fi gbogbo rẹ̀ ránṣẹ́ sí ìjọba, kí rìsíìtì wọn sọ ₦107,500, kí a sì kọ iye yẹn gan-an sínú àkáǹtì. Bí ohun tí ó wọlé bá sì jẹ́ ₦1,900,000 péré, ó lè jẹ́ pé oníbàárà náà wà lára àwọn tí òfin ní kí wọ́n máa dá VAT dúró fún ìjọba, bí àwọn ilé-iṣẹ́ ìjọba àti ti epo rọ̀bì. ₦150,000 yẹn kò sí lára owó-orí àyọsílẹ̀ rárá. Gbèsè VAT wa ni a ó fi pa.

Rìsíìtì

Ẹ̀tọ́ tí kò ní ẹ̀rí kò wúlò. Oníbàárà tí ó yọ owó gbọ́dọ̀ fún ẹni tí ó yọ ọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ní rìsíìtì tí ó fi orúkọ rẹ̀ hàn, nọ́ńbà ìdánimọ̀ owó-orí rẹ̀, irú iṣẹ́ tí ó ṣe, iye gbogbo iṣẹ́ náà àti iye tí a yọ. Ìlànà 2024 sọ pé rìsíìtì yìí tó ẹ̀rí láti fi gba ẹ̀tọ́, ìbáà jẹ́ pé oníbàárà ti fi owó náà ránṣẹ́ tàbí kò tíì fi ránṣẹ́. Èrò tó dára ni, nítorí pé kò tọ́ kí agbaninímọ̀ràn jìyà ẹ̀ṣẹ̀ oníbàárà. Síbẹ̀, owó tí ó ti dé ọwọ́ ìjọba ni ó máa ń hàn lórí ojúlé ilé-iṣẹ́ owó-orí ìjọba àpapọ̀. Ẹni tí rìsíìtì rẹ̀ wà lọ́wọ́ tí owó rẹ̀ kò hàn níbẹ̀ ní àlàyé púpọ̀ láti ṣe.

Fún ilé-iṣẹ́, ọjọ́ kọkànlélógún oṣù tí ó tẹ̀ lé oṣù tí a yọ owó ni gbèdéke tí oníbàárà ní láti fi í ránṣẹ́. Nítorí náà, bí ó bá sanwó ní oṣù Kẹta, ó tọ́ kí a wo ojúlé náà lẹ́yìn ọjọ́ kọkànlélógún oṣù Kẹrin. Nọ́ńbà ìdánimọ̀ tí a kọ ní àṣìṣe ni ó sábà máa ń gbé owó ẹnìkan lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíràn, ó sì rọrùn láti tún un ṣe ní oṣù tí ó ṣẹlẹ̀ ju ọdún méjì lẹ́yìn náà lọ, nígbà tí ẹni tí ó tẹ̀ ẹ́ ti lè kúrò ní ilé-iṣẹ́ oníbàárà.

Gbígba ẹ̀tọ́ náà ní òpin ọdún

Ilé-iṣẹ́ ní oṣù mẹ́fà lẹ́yìn òpin ọdún ìṣirò rẹ̀ láti fi ìwé owó-orí èrè rẹ̀ ránṣẹ́. Kí ó tó ṣe bẹ́ẹ̀, olùṣírò yóò tẹ́ àkójọ kan, tí ìlà kọ̀ọ̀kan rẹ̀ sọ ínfọ́ìsì, oníbàárà, ọjọ́ tí ó sanwó, iye tí ó yọ àti nọ́ńbà rìsíìtì. Àpapọ̀ àkójọ yìí gbọ́dọ̀ bá ohun tí ó wà nínú àkáǹtì owó-orí àyọsílẹ̀ mu.

Ká sọ pé ₦900,000 ni ó wà nínú àkáǹtì náà fún ilé-iṣẹ́ Ìbàdàn yìí, ṣùgbọ́n ìlà kan, ₦100,000 ti Ìkẹjà, kò ní rìsíìtì. Ká sì sọ pé owó-orí èrè ọdún náà jẹ́ ₦1,200,000. Bí gbogbo rìsíìtì bá pé, ₦300,000 ni ilé-iṣẹ́ ì bá san. Pẹ̀lú ₦800,000 tí ó ní ẹ̀rí, ₦400,000 ni yóò jáde ní báńkì:

```
Dẹ́bítì    Owó-orí èrè tí a jẹ          1,200,000
Krẹ́dítì   Owó-orí àyọsílẹ̀ tí a ó gbà     800,000
Krẹ́dítì   Báńkì                          400,000
```

₦100,000 ti Ìkẹjà ṣì wà nínú àkáǹtì ohun-ìní. Bí rìsíìtì bá dé ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e, a lè lò ó nígbà náà. Ìgbà tí ó bá dájú pé kò ní í dé mọ́ ni a ó tó gé e kúrò gẹ́gẹ́ bí àdánù, ìpinnu yẹn kì í sì í ṣe ohun tí à ń kánjú ṣe.

Bí ẹ̀tọ́ bá pọ̀ ju owó-orí ọdún lọ, ilé-iṣẹ́ lè gbé ìyókù lọ sí ọdún iwájú tàbí kí ó béèrè pé kí ìjọba dá a padà. Ó wọ́pọ̀ lọ́dọ̀ àwọn tí èrè wọn kéré, nítorí pé iye iṣẹ́ ni a ń wò láti yọ 5%, a kì í wo èrè. Ọ̀pọ̀ ń yan gbígbé e lọ síwájú, torí pé ìbéèrè owó padà máa ń mú kí òṣìṣẹ́ owó-orí yẹ ìwé ilé-iṣẹ́ wò fínnífínní.

Ọ̀rọ̀ ọdún méjì tún wà. Iṣẹ́ tí a fi ínfọ́ìsì rẹ̀ ránṣẹ́ ní oṣù Kejìlá, tí a sì san owó rẹ̀ ní oṣù Kìíní, yóò wà lára owó tí ó wọlé ní ọdún àkọ́kọ́, àmọ́ ọdún kejì ni àyọsílẹ̀ rẹ̀ yóò hàn nínú àkáǹtì. Èyí kì í ṣe àṣìṣe. Kí àkójọ ìparí ọdún sọ ọ́ kedere ni, kí ẹni tí ó bá yẹ ìwé wò má baà wá rìsíìtì tí kò tíì sí.

Agbaninímọ̀ràn tí kì í ṣe ilé-iṣẹ́

Ẹni tí ó ń ṣiṣẹ́ ní orúkọ ara rẹ̀ ń kọ ìwé rẹ̀ bákan náà, ṣùgbọ́n ìjọba ìpínlẹ̀ tí ó ń gbé ni ó ni owó-orí rẹ̀. Bí olùgbé Ìbàdàn bá ṣiṣẹ́ fún oníbàárà kan ní Èkó, ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ni ó yẹ kí oníbàárà fi àyọsílẹ̀ náà ránṣẹ́ sí. Bí ó bá lọ sí Èkó tàbí sí ọ̀dọ̀ ìjọba àpapọ̀, ìwé Ọ̀yọ́ kò ní í fi hàn pé ẹnikẹ́ni san nǹkan kan. Ìdí nìyí tí ó fi dára kí agbaninímọ̀ràn bẹ́ẹ̀ kọ ìpínlẹ̀ tí ó ń gbé àti nọ́ńbà ìdánimọ̀ owó-orí rẹ̀ sórí ínfọ́ìsì fúnra rẹ̀, níbi tí ẹni tí yóò sanwó yóò ti rí i.